Kókó Ara Gbòǹgbò

Ìkánjú ni gbogbo ilé ń pe ọmọbìnrin náà, orúkọ ọ̀hún sì bá a mu bí aṣọ tí wọ́n wọ̀n kí wọ́n tó rán. Kí oúnjẹ tó jinná, ó ti gbé abọ́ dání. Nígbà tó parí ilé-ẹ̀kọ́ girama, tí ẹ̀yìn sì bẹ̀rẹ̀ sí í dun ìyá rẹ̀, òun ló gba oko tòmátì tó wà létí odò lọ́wọ́ ìyá náà.

Ọdọọdún ni wọ́n ń gbin tòmátì sí ilẹ̀ yẹn, ilẹ̀ náà kò sì já wọn kulẹ̀ rí. Àmọ́ lọ́dún tí Ìkánjú gbà á, ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Tó bá di ọ̀sán, gbogbo igi tòmátì á sorí kọ́ bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wí, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ tutù. Ó bu ajílẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n bí ìgbà téèyàn ń pọn omi sínú apẹ̀rẹ̀ ló rí.

Àbúrò ìyá rẹ̀, tó ń lọ láti oko dé oko láti kọ́ àwọn àgbẹ̀, ló wá wò ó. Ó fa igi kan tu, ó gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀ dànù. Gbòǹgbò náà wú síbí, ó wú sọ́hùn-ún, bí okùn tí wọ́n ta ní kókó.

“Aràn ni,” ni àǹtí náà wí. “Ó kéré ju ohun tí ojú lásán lè rí lọ. Inú gbòǹgbò ló ń gbé. Gbòǹgbò á wú, omi ò sì ní lè gòkè dáadáa mọ́. Ẹ̀yin náà lẹ ń bọ́ ọ. Oúnjẹ kan náà lẹ ń gbé ka iwájú rẹ̀ lọ́dọọdún.”

“Kò le, Àǹtí. Màá gbin ata sí i. Tàbí ilá.”

“Ìyá kan ló bí ata àti tòmátì. Ilá kì í ṣe ẹbí wọn, àmọ́ aràn yìí fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ẹ̀pà ni kó o gbìn. Aràn náà ò lè fi gbòǹgbò ẹ̀pà ṣe oúnjẹ, kò sì ní lè bímọ síbẹ̀. Ebi á dín wọn kù.”

Ìyá Ìkánjú fajú ro. “Àwọn oníbàárà mi tó ń ra tòmátì ńkọ́?”

“Ẹ gbin tiwọn sí ẹ̀yìnkùlé, Ẹ̀gbọ́n mi. Kẹ́ ẹ sáà fọ ọkọ́ yín kẹ́ ẹ tó gbé e débẹ̀. Aràn mọ bí wọ́n ṣe ń fi erùpẹ̀ ara ọkọ́ wọkọ̀.”

Bí wọ́n ṣe gbin ẹ̀pà nìyẹn. Ó hù, ó tẹ́ rẹrẹ, ó ń dán. Ara Ìkánjú ò gbà á kó dúró. Ó ní kí òun fa ọ̀kan wò. Àfi bó ṣe rí i tí kókó kún ara gbòǹgbò bámúbámú. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ó ń fa ẹ̀pà tu lọ ràì, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fa gbogbo ebè kan tán kó tó rántí fóònù.

“Àǹtí, aràn yẹn ti tẹ̀ lé wa wọnú ẹ̀pà. Mo ti ń fà á tu.”

“Má fa ẹyọ kan mọ́. Fi èékánná ta kókó kan. Ṣé ó bọ́?”

“Ó bọ́ wẹ́rẹ́.”

“Ti tòmátì kì í bọ́, torí gbòǹgbò fúnra rẹ̀ ló wú. Ó yá, pín kókó ọwọ́ rẹ sí méjì. Kí lo rí?”

Ìkánjú gbé e súnmọ́ ojú. “Inú rẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, bí erìgì ọmọ jòjòló.”

“Iṣẹ́ ló ń ṣe lọ́wọ́ nìyẹn. Àwọn ẹ̀dá tín-tìn-tín kan ló ń gbé inú rẹ̀. Ẹ̀pà ń fún wọn ní ṣúgà, àwọn náà ń mú náítírójìn látinú afẹ́fẹ́, wọ́n ń sọ ọ́ di oúnjẹ fún ẹ̀pà. Ayálégbé tó ń sanwó ilé ni wọ́n. Aràn tòmátì, olè ni.”

Ìkánjú bojú wo ebè tó ti fà tu, ìtìjú mú un. Ìyá rẹ̀, tó ti dé ẹ̀yìn rẹ̀, rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀yìn mú. “Orúkọ ń ro ọmọ,” ló wí. Àwọn méjèèjì jọ ri ẹ̀pà tó ti fà tu mọ́lẹ̀, kó lè jẹrà, kí ilẹ̀ rí nǹkan jẹ nínú rẹ̀.

Nígbà ìkórè, wọ́n hú ẹ̀pà wọn, wọ́n sì ri ewé àti gbòǹgbò rẹ̀ pa dà sínú ilẹ̀. Torí pé aràn ti pọ̀ jù níbẹ̀, wọ́n tún gbin ẹ̀pà lẹ́ẹ̀kan sí i kí tòmátì tó pa dà síbẹ̀.

Nígbà tó sì pa dà, lọ́sàn-án gangan ni Ìkánjú máa ń lọ wò ó. Ewé tutù yọ̀yọ̀, igi nàró. Èso rẹ̀ wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi igi tì í.

“Ilẹ̀ ti gbádùn,” ni ìyá rẹ̀ wí bí wọ́n ṣe ń ká a lọ. “Tòmátì náà la ó gbìn sí i lọ́dún tó ń bọ̀.”

Ìkánjú fa igi kan tó ti so tán tu, ó rọra gbọn ọ́n, ó sì fi ìka tọ́ka sí kókó kéékèèké díẹ̀ lẹ́bàá ìdí rẹ̀. “Aràn ṣì wà níbí, Màámi. Wọn ò kàn pọ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká pín oko yìí, kí tòmátì máa ṣí kiri nínú rẹ̀. Ẹ̀pà ló kàn níbi tá a dúró sí yìí.”

Ìyá rẹ̀ gba igi náà, ó fi èékánná ta kókó ara rẹ̀. Kò bọ́. Ó ju igi náà sínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń kó àwọn tí wọ́n máa sun sí, ó sì lọ wá igi tí wọ́n máa fi pààlà.