Ọ̀kan Péré ní Thomas Estate

Mi ò ní purọ́: mo jowú Olúyẹ́misí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń kọ orúkọ aláìsàn sílẹ̀ ní kíníkì wa ní Ṣàngótẹ̀dó, "Suliat" lásán sì ni Dókítà Abdulsalam ń pè mí. Ọmọ yìí dé, kò tíì lo oṣù mẹ́jọ, ó ti di "ọpọlọ kíníkì wa." Ẹ̀rín rẹ̀ nìkan tó láti bí mi nínú.

Ohun tó fi wọ Dókítà lójú ni dáṣíbọ́ọ̀dù tó ṣe, ojú-ìwé kan lórí kọ̀ǹpútà tó ń fi iye àwọn aláìsàn wa hàn, àdúgbò sí àdúgbò. Ní aago mẹ́fà àárọ̀ ojoojúmọ́, á kó ohun tí mo kọ lánàá, á sì tún iye náà ṣe fúnra rẹ̀. Àwa òṣìṣẹ́ nìkan la ń rí i tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n fẹ́ ṣí i fún gbogbo ayé, lórí tẹlifíṣàn ńlá níbi tí àwọn aláìsàn ń jókòó sí, àti lórí fóònù àwọn alága àdúgbò.

Olúyẹ́misí ti yọ orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì kúrò. Ó tún ṣe é débi pé àdúgbò tí iye rẹ̀ ò bá tó mẹ́wàá, nọ́ńbà rẹ̀ ò ní hàn, ìlà kékeré ni yóò wà níbẹ̀. Gbogbo òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi náà pa á, bí ẹni ń pa ẹ̀fọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo rí àbùkù iṣẹ́ rẹ̀. Lábẹ́ àwọn tó ní kòkòrò HIV, ohun tó wà níbẹ̀ ni: Addo, 41. Ṣàngótẹ̀dó, 45. Thomas Estate, ìlà kékeré. Nísàlẹ̀ pátápátá: àpapọ̀, 87. Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á yọ ọ́. Ẹnì kan péré ló wà ní Thomas Estate, àpapọ̀ náà sì jẹ́ 86 lọ́jọ́ kan ṣáájú.

Mo mọ ẹni náà. Sìlífátù ni, olùkọ́ ilé-kéwú. Èmi ni mo kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, tó di ọwọ́ mi mú. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Táwọn òbí bá gbọ́, wọ́n á kó ọmọ wọn kúrò lọ́dọ̀ mi."

Mi ò sọ ọ́ fún Olúyẹ́misí. Ṣebí ọpọlọ kíníkì ni? Kó fi ọpọlọ rẹ̀ rí i. Mò ń fojú inú wo bí alága kan ṣe máa dìde bi Dókítà léèrè, tí Dókítà á wá yíjú sí Olúyẹ́misí níwájú gbogbo èèyàn. Ó dùn mọ́ mi. Mo sì sùn dáadáa.

Àárọ̀ Jímọ̀, àwọn alága àdúgbò ti pé, Sìlífátù náà wá gba oògùn. Ìjókòó tó bọ́ sí ni èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Gbàdàmọ́sí, alága Thomas Estate.

"Áà, olùkọ́ àwọn ọmọ-ọmọ mi! Kí lẹ wá ṣe níbí?"

"Ẹ̀fọ́rí ni, sà."

Ọmọ onílẹ̀ ni Bàbá Gbàdàmọ́sí. Ó ti ta ilẹ̀ títí, kò sí ìṣirò tó lè ṣòro fún un. Olúyẹ́misí mú rímóòtù. Mo wo ìka Sìlífátù tó ń yí etí híjáàbù rẹ̀. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n. Mo sáré di ọwọ́ Olúyẹ́misí mú.

"Má tíì tan tẹlifíṣàn."

"Àǹtí Suliat, what happened?"

Mo sọ̀rọ̀ sí i létí. "Ro Addo pọ̀ mọ́ Ṣàngótẹ̀dó, kó o wá yọ ọ́ nínú àpapọ̀. Mélòó ló kù?"

Ojú rẹ̀ yí padà. "Ọlọ́run mi! Mi ò rí i rárá."

Ó padà sídìí kọ̀ǹpútà. Ó da Thomas Estate pọ̀ mọ́ Addo di ẹyọ kan, níbi tí dáṣíbọ́ọ̀dù ti ń kó iye gan-an, kí aago mẹ́fà má baà tún wọn tú lọ́la. Ó ṣe é kí èyí tí gbogbo ayé máa rí máa yí padà ní ìparí oṣù nìkan, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ẹni tó wọlé lónìí, kó sì rí i tí nọ́ńbà fi ọ̀kan gòkè lọ́la. Lẹ́yìn náà ló tó tan tẹlifíṣàn.

Bàbá Gbàdàmọ́sí ka iye náà sókè: "Addo àti Thomas Estate, méjìlélógójì. Ṣàngótẹ̀dó, márùndínláàádọ́ta." Ó mirí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa gọ́tà.

Nígbà tí wọ́n parí, Dókítà ń yin Olúyẹ́misí. Ọmọ náà já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Àṣìṣe kan wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, sà. Àǹtí Suliat ló rí i. Kì í ṣe èmi."

Sìlífátù ń kọjá lọ pẹ̀lú láílọ́ọ̀nù oògùn rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ fún mi. "Àǹtí, Ọlọ́run á bo àṣírí tiyín náà."

Dókítà yíjú sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín. "Àǹtí Suliat! Ẹ ṣeun gan-an o. Ìgbà wo lẹ rí i?"

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń retí kó pè mí bẹ́ẹ̀.

"Òwúrọ̀ yìí ni, sà," ni mo wí.