Hóró Tó Ń Hu Irun

Onídìrí ni ọmọ, ìyá rẹ̀ sì ni oníbàárà tó le jù fún un. Irun iwájú orí ìyá ń sá sẹ́yìn bí ẹni rí ejò. Ọmọ ra bíótìn fún un, fítámì tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń gbé mì. Ẹyọ kan lójúmọ́ ni wọ́n kọ sára ìgò. Ìyá ní orí òun kì í ṣe orí ẹyọ kan. Ẹ̀kúnwọ́ ló ń dà sẹ́nu.

Nígbà tí àyà ń fún ìyá mọ́, tí òógùn tútù bò ó, ilé ìwòsàn ni wọ́n gbà lọ. Dókítà so ẹ̀rọ mọ́ àyà rẹ̀; ìlà tó yà kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ni yóò sọ bóyá ọkàn ló ń ṣe é. Ó bèèrè bóyá ìyá ń lo oògùn.

"Oògùn kẹ̀? Àwọn tó ń lo oògùn ló ń ṣàìsàn."

Ọmọ gbọ́, ìgò náà sì wà nínú báàgì tó gbé kọ́ apá. Ìyá kò purọ́. Fítámì irun kì í ṣe oògùn lójú ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Èsì ẹ̀jẹ̀ dé, ó mọ́. Wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ gbà, ó tún mọ́. Ọ̀kan ló rú dókítà lójú: èsì ní họ́mónù tí ẹ̀yà ara inú ọrùn ìyá ń tú sẹ́jẹ̀ pọ̀ kọjá ààlà, bẹ́ẹ̀ ìyá kò rù, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n bí ti ẹni tó ní irú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n padà wá fún ìyẹn. Ti àyà, ó ní ọgbẹ́ inú ni; oògùn rẹ̀ ni wọ́n gbé lọ sílé.

Kò pẹ́ tí ìyá fi ṣubú ní ṣọ́ọ̀bù. Lọ́tẹ̀ yìí, nílé ìwòsàn, ìlà ẹ̀rọ sọ kedere pé ọkàn ni, ẹ̀jẹ̀ ṣì ní òun mọ́. Dókítà yíjú sí ọmọ.

"Ẹ gbàgbé oògùn. Kí ni Màmá ń gbé mì?"

Ọmọ yọ ìgò jáde. Ì bá sàn ká ní dókítà bú u. Ńṣe ló ń ṣàlàyé jẹ́jẹ́: ọkàn tó bá fara pa máa ń tú àmì sínú ẹ̀jẹ̀, bíótìn ni ẹ̀rọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọn fi ń so àmì náà mọ́lẹ̀ kó lè rí i. Bíótìn ìyá ti gba gbogbo ibi ìsomọ́, ni ẹ̀rọ bá fọ àmì dànù. Òun náà ló dojú èsì ọrùn rú. Wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ kan náà lọ síbi tí ẹ̀rọ wọn kò lo bíótìn. Àmì ọkàn kún ibẹ̀ fọ́fọ́.

"Èmi náà ni mi ò bèèrè dáadáa," ni dókítà wí.

"Tí Màmá bá dá a dúró ńkọ́, dókítà?"

"Bíótìn á kúrò lára wọn. Ẹran ọkàn tó ti kú ni kì í hù padà, àǹtí."

Ọmọ jókòó ti ibùsùn, ó ń fi ìka tú irun ìyá. Lóòótọ́, níwájú orí, irun tuntun ti ń yọ, dúdú, kúkúrú, ó múlẹ̀ bí koríko lẹ́yìn òjò.

"Ṣé ó ń hù?" Ohùn ìyá kò ju èémí lọ.

"Ó ń hù, ìyá mi."

Ìyá rẹ́rìn-ín, ó sì na ọwọ́ sí báàgì ọmọ, kó fún òun ní hóró tòní.