Gbólóhùn Tí Alhaji Bá Wa Jiyàn Lé Lórí

Ọmọ náà tún gbé ìwé yẹn dé. Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn lọ́jọ́ Jímọ̀ kan ṣoṣo, aago mẹ́ta sì ti lù. Fàìzà ni mò ń sọ, ọmọ Alhaji Abdul-Ganiyu, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta aṣọ ní ọjà Treichville, ní ìlú elédè Faransé tí a wà yìí. Ilé-ẹ̀kọ́ òwò kan níbí ní àdúgbò Zone 4, tí wọ́n ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni, ní kó fi àròkọ kan ránṣẹ́ kí aago márùn-ún tó lù. Tí wọn ò bá gbà á, bàbá rẹ̀ ti sọ ọ́ tán: lọ́jọ́ Ajé, ṣọ́ọ̀bù ló ń lọ, ọ̀rọ̀ ìwé parí nìyẹn. Èmi Bọ́láṣadé tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní àròkọ nínú pálọ̀ mi, èmi ni wọ́n wá gbé e kọ́ lọ́rùn.

Gbólóhùn kan péré la ń bá fà á láti àárọ̀: òpómúléró àròkọ, èyí tó ń sọ ohun tí òǹkọ̀wé dì mú, tí ìpínrọ̀ yòókù á sì máa gbè lẹ́sẹ̀. Ó kọ́kọ́ kọ ọ́ pé, ǹjẹ́ ó dára kí ọmọbìnrin máa tajà? Mo ní ìbéèrè nìyí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ àwọn ní lycée, ilé-ẹ̀kọ́ girama wọn níbí: kí àwọn béèrè, kí àwọn sọ apá kan, kí àwọn sọ apá kejì, kí àwọn wá pẹ̀tù sí i níparí. Mo ní a ò pè é wá ṣe onílàjà. Ìwọ gan-an, kí lo rò?

Ó lọ, ó padà dé pẹ̀lú òmíràn: Òwò ṣe pàtàkì ní Treichville. Ẹ gbà mí o, ta ni yóò bá a jiyàn ìyẹn? Ohun tí gbogbo ayé ti gbà, kí la tún fẹ́ fi ìpínrọ̀ mẹ́ta sọ lórí rẹ̀?

Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo wí yìí ló wá bí mi nínú jù. Ó kọ ọ́ pé ó burú kí wọ́n máa fi ọmọbìnrin sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ṣeé jiyàn lé lórí báyìí, mo gbà. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin wo? Burú lọ́nà wo? Mo wá ka ìpínrọ̀ rẹ̀. Àkọ́kọ́ ní ṣọ́ọ̀bù ló kọ́ òun ní Jùlá, èdè tí wọ́n fi ń ná ọjà níbí. Ìkẹta ní ìṣirò orí òun yá ju ti gbogbo kíláàsì òun lọ. Mo ní ọmọ yìí, bàbá rẹ lò ń gbè lẹ́yìn, o ò sì mọ̀.

Ojú rẹ̀ pọ́n. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì tún ń bí mi. Mo ní kó ka ìpínrọ̀ kejì fún mi sókè. Lọ́dún tó kọjá, àwọn aláṣẹ ọjà mú ìwé àdéhùn ṣọ́ọ̀bù wá, bàbá rẹ̀ fọwọ́ sí i láìkà á. Fàìzà kà á, ó rí i pé wọ́n fẹ́ gbé ṣọ́ọ̀bù wọn kúrò níbi tó wà, wọ́n sì fún wọn ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti takò ó, ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ṣe ń takò ó. Ọgbọ̀n ọjọ́ pé, wọ́n gbé wọn kúrò ní igun ọjà lọ sẹ́yìn. Mo ní kó gbàgbé gbólóhùn rẹ̀, kó wo ìpínrọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ẹni pé ẹlòmíràn ló kọ wọ́n, kó sọ ohun tí wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ó pẹ́ gan-an kó tó kọ ọ́.

Alhaji dé láago mẹ́rin kọjá díẹ̀, ó wá mú ọmọ rẹ̀ lọ. Ó ní kí wọ́n túmọ̀ gbólóhùn tuntun náà sí Yorùbá kí òun náà gbọ́. Fàìzà wolẹ̀, ó ní, “Ṣọ́ọ̀bù wa ní Treichville kọ́ mi ní èdè àti ìṣirò, lycée sì kọ́ mi láti kàwé, ṣùgbọ́n láìkọ́ òfin òwò, mi ò lè dáàbò bo ṣọ́ọ̀bù náà.”

Alhaji ní irọ́ ni. Ó ní ogójì ọdún lòun ti ń tajà láìkọ́ òfin kankan. Ó ní àti pé kí ni agbẹjọ́rò wà fún? Ó sọ ọ́ sọ ọ́, mo kàn ń mi orí. Inú mi dùn fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, torí gbólóhùn tí àgbàlagbà lè bá ọ jà lé lórí báyìí, gbólóhùn gidi ni.

Alhaji ní kí ọmọ náà fèsì.

“Bàbá,” ni Fàìzà wí, “ta ni ì bá sọ fún wa pé a nílò agbẹjọ́rò, kí ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn tó pé?”

Ó wá ka ìpínrọ̀ kejì fún un. Nígbà tó kan ibi tó ti dárúkọ bàbá rẹ̀ pé ó fọwọ́ sí ìwé láìkà á, Alhaji ṣí fìlà rẹ̀, ó tún dé e. Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ. N ò lè sọ pé kí Fàìzà fi í ránṣẹ́, ọmọ Alhaji ni, kì í ṣe tèmi.

“Yọ orúkọ mi kúrò níbẹ̀,” ni Alhaji wí. “Fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà, kí o sì fi í ránṣẹ́.”