Kọ́fáàtì Orí Òkè

Ní ọ́fíìsì àwọn tó ń tọ́jú títì, Bàbá Máàpù ló ń sọ ìwọ̀n di àmì. Bí wọ́n bá ní kòtò wà ní kìlómítà kẹta, kọ̀ǹpútà á wọn ìlà títì náà láti oríta tó ti bẹ̀rẹ̀, á fi àmì pupa síbi tí iye náà bá parí sí. Àmì dúdú ni ti kọ́fáàtì, ojú ihò tí omi ń gbà lábẹ́ títì.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìyàwó rẹ̀ ni. Kọ́fáàtì kan ló wó lábẹ́ ọ̀kadà tó gbé e. Kọ́fáàtì méjì ló ti sán lójú ọ̀nà yẹn. Èkejì kò tíì wó, òjò sì ń ṣú.

Fọ́máànù àwọn tó ń tún títì ṣe wọlé, ọ̀dà lára bàtà rẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú ará fẹ́ra kù."

"O ṣé. Kí ló dé tí ẹ ò tún un ṣe?"

"A lọ, Bàbá! Lóṣù tó kọjá. Kìlómítà mẹ́rìnlá àti ẹgbẹ̀ta mítà, bó ṣe wà nínú máàpù. Orí òkè la bá ara wa, títì ń dán bíi dígí. Mo tiẹ̀ ń fi yín ṣẹ̀fẹ̀, mo ní ta ló ń ṣe kọ́fáàtì sórí òkè, ṣé omi fẹ́ lọ gba atẹ́gùn ni?"

Ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu.

Bàbá yíjú sí kọ̀ǹpútà. Lóòótọ́, orí òkè ni àmì náà wà. Odò wà nísàlẹ̀, kò sí àmì kankan lórí rẹ̀. Àwọn kòtò ìbẹ̀rẹ̀ títì sì wà láyè wọn. Ó fi ìka tọ ìlà náà títí dé ibi tí wọ́n ti na kọ̀rọ̀ kan tó lọ́ bí ejò tẹ́lẹ̀.

"Mítà ọkọ̀ yín ka afárá ńlá tó wà lẹ́yìn kọ̀rọ̀ yìí sí kìlómítà mélòó?"

"Mẹ́wàá àti ẹgbẹ̀ta mítà."

"Mọ́kànlá géérégé ni ti àtijọ́. Wọ́n na ọ̀nà, ó fi irinwó mítà kúrú. Wọ́n ya ìlà tuntun, wọ́n fi ìwọ̀n ọ̀nà àtijọ́ lé e lórí. Gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn kọ̀rọ̀ ló sún síwájú."

Ó so afárá mọ́ ìwọ̀n tuntun, ó yọ irinwó lára gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn kọ̀rọ̀. Àwọn àmì fà sẹ́yìn. Àmì kọ́fáàtì tó pa ìyàwó rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ó bà sórí odò.

"Ṣé o dúró lórí òkè yẹn?"

"Mo dúró, Bàbá."

"Béèyàn bá pariwo níbẹ̀, wọ́n á gbọ́ létí odò nísàlẹ̀."

Bàbá tẹ máàpù tuntun jáde, ó nà án sí i.

"Lọ bá kọ́fáàtì kejì. Òjò ò mọ ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀."

Lọ́sàn-án, Fọ́máànù pè é. "Bàbá, a ti dé orí ẹ̀. Mo ń gbọ́ omi lábẹ́."

"Ó dáa," ni Bàbá wí. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì, kò sì tún un wọ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà.