Yàrá Olójé

Ìyá Olójé ni gbogbo ilé ìwòsàn ń pe onímọ̀ físíìsì náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì pé ogójì ọdún. Ẹni tó bá fẹ́ wọ yàrá ìyàwòrán inú ara láì wọ aṣọ òjé tó ń dí ìtànṣán, obìnrin yìí á dá a padà lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀gá ni o, ọmọ iṣẹ́ ni o. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa wọn ìtànṣán, ohun tí ojú kì í rí tí imú kì í sì í gbóòórùn rẹ̀, kó sọ ibi tó dé àti ibi tí kò gbọdọ̀ dé. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn.

Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Àwọn oníṣẹ́ abẹ wọn mọ bí a ṣe ń gé jẹjẹrẹ tó bá mú ẹṣẹ́ tairọ́ìdì tó wà níwájú ọrùn. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́kù lè wà tí ọ̀bẹ kò rí. Ẹṣẹ́ yìí fẹ́ràn àyódíìnì, èròjà tí wọ́n máa ń fi sínú iyọ̀, ju gbogbo ẹ̀yà ara yòókù lọ, nítorí náà, bí aláìsàn bá gbé àyódíìnì tó ní ìtànṣán mì, ìṣẹ́kù náà á fọwọ́ ara rẹ̀ fa ohun tó máa pa á. Ṣùgbọ́n fún ọjọ́ díẹ̀, ìtànṣán á máa jáde lára aláìsàn náà sí ẹni tó bá sún mọ́ ọn, oògùn á sì máa bá ìtọ̀, òógùn àti itọ́ rẹ̀ jáde. Irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ kò ṣeé tẹ́ sáàárín èrò nínú wọ́ọ̀dù. Ilé ìwòsàn wọn kò sì ní yàrá tó lè gbà á. Ìlú míì tó jìnnà ni wọ́n ń rán èèyàn lọ, ibi tí èrò ti tò lọ bí ilẹ̀ bí ẹní.

Ní ọjọ́ kan, obìnrin aránṣọ kan tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún wá béèrè ìgbà tí yóò kàn án níbẹ̀.

"Ẹ ti gé e," ó ní. "Dókítà wà, oògùn wà. Kí ló wá kù?"

"Yàrá ló kù," ni Ìyá Olójé dá a lóhùn. Ìdáhùn náà ti òun fúnra rẹ̀ lójú.

Ó kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ tó ń darí ilé ìwòsàn. Ó gbé e fún ọkọ rẹ̀, tíṣà ni, kó bá a wò ó. Ọkọ kà á, ó yọ gíláàsì.

"Ó dára. Ṣùgbọ́n àwọn wo lo kọ ọ́ sí?"

"Ìgbìmọ̀ ni."

"Ó jọ pé ẹ̀rọ ìṣirò lo kọ ọ́ sí, ìyàwó mi."

Inú bí i, ó gba ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó tún un kọ. Ó kọ ọ́ báyìí:

"Ẹ̀yin àgbà wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. A ní oníṣẹ́ abẹ tó mọṣẹ́. A ní dókítà tó mọ oògùn àyódíìnì tó ní ìtànṣán í lò, a sì ní nọ́ọ̀sì tó ti kọ́ ọ. Yàrá tí a ó ti lò ó ni a kò ní. Èyí tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún wà ní igun ìsàlẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í gbé lábẹ́ rẹ̀. A ó fi kọnkéré tó nípọn sí ògiri àti àjà rẹ̀, a ó fi òjé sínú ilẹ̀kùn. Yóò ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tirẹ̀, omi ibẹ̀ yóò sì máa lọ sínú táńkì ìpamọ́ méjì. Ní ọjọ́ mẹ́jọ mẹ́jọ, agbára oògùn yìí ń dín sí ìdajì. Bí táńkì kan bá kún, a ó tì í, ìkejì yóò máa gbà. A kò ní tú u sílẹ̀ àfi bí a bá wọ̀n ọ́n tí a rí i pé kò lè pa ẹnikẹ́ni lára mọ́."

Ìgbìmọ̀ pè é. Alága, adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ló jókòó láàárín. Akápò ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"A ti ka lẹ́tà yín, ó sì wọ̀ wá létí. Yàrá kan ṣófo lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọ́ọ̀dù àwọn aboyún. Ẹ jẹ́ ká fi òjé bo ògiri rẹ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti táńkì lè dúró di ọdún tó ń bọ̀."

Ọ̀gá dókítà ṣẹ́jú sí i pé kó dúpẹ́. Àbọ̀ ṣáà sàn ju òfo lọ.

"Ẹ ṣé, sà," ni Ìyá Olójé wí. "Ṣùgbọ́n n kò lè gbà á."

Ó yíjú sí akápò.

"Ìtànṣán kì í gba ẹ̀gbẹ́ nìkan jáde, sà. Ó ń lọ sókè, ó ń lọ sísàlẹ̀. Àwọn tó wà lábẹ́ ńkọ́? Àwọn aboyún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ńkọ́? Láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, púpọ̀ nínú oògùn yìí ló ń bá ìtọ̀ jáde. Ta ló máa bá aláìsàn náà lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀? Èmi ni mo máa fọwọ́ sí i pé yàrá náà kò léwu. N kò ní lè fọwọ́ sí i."

"Ṣé ká má ṣe é rárá nìyẹn?" ni Alága béèrè.

"Ẹ ṣe é dáadáa ni, sà. Àbọ̀ rẹ̀ ló léwu."

Mátírọ́ọ̀nù, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, gbé orí sókè. "Yàrá tí Ìyá Olójé kò bá fọwọ́ sí, nọ́ọ̀sì mi kankan kò ní wọ̀ ọ́. Èmi náà tí mo sanra tó báyìí, ẹ ò lè tì mí wọ̀ ọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Alága kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó ní kí onímọ̀ físíìsì náà fi bí ìtànṣán ṣe ń ṣe han òun.

Ìyá Olójé kó wọn lọ sí yàrá iṣẹ́ rẹ̀. Ó mú ohun bíńtín kan tó ní ìtànṣán díẹ̀ nínú jáde, kò ju bọ́tìnnì lọ, èyí tó fi ń dán ẹ̀rọ ìwọ̀n rẹ̀ wò. Ó gbé ẹ̀rọ sún mọ́ ọn, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í dún ta-ta-ta. Ó gbé e jìnnà, ó falẹ̀. Ó ní kí Alága fi pátákó òjé dí i, ariwo náà sì dínkù gidigidi. Alága yí òjé náà wò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó wúwo o. Ẹ kò wá lè fi èyí bo páìpù dípò táńkì, kẹ́ ẹ máa tú ìtọ̀ náà dànù bó bá ṣe ń dé?"

"Rárá, sà. Òjé la fi ń dá ti ara aláìsàn dúró. Àkókò la fi ń pa ti ìtọ̀."

Alága yíjú sí akápò. Akápò họ irun, ó ní gbọ̀ngàn ìpàdé tuntun tí àwọn fẹ́ kọ́ ṣì lè dúró, àga ti àtijọ́ kò tíì ṣẹ́. Bí wọ́n ṣe fọwọ́ sí i nìyẹn, odindi.

Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, ojoojúmọ́ ni Ìyá Olójé wà níbẹ̀ pẹ̀lú fìlà òṣìṣẹ́ lórí. Ó bá ihò páìpù kan tó la ògiri kọjá tààrà ní ọ̀gangan ibùsùn, ó ní kí wọ́n dí i, kí wọ́n gbé e gba ibòmíì.

"Kò mà ju ìka lọ, mà," ni ọ̀gá àwọn bíríkìlà wí.

"Ìtànṣán kò béèrè ju ìka lọ."

Wọ́n dí i.

Aránṣọ yẹn ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ó gbé kápúsù mì, ó mu omi léraléra kí oògùn tó ṣẹ́kù lè tètè bá ìtọ̀ lọ, ó ń lá súìtì kíkan kí itọ́ má baà dúró lẹ́nu. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ lórí fóònù. "Wọ́n tì mí mọ́lé bí olè," ó ní, "àmọ́ ibùsùn olè yìí mà dáa ju tiwa lọ."

Lóde, Ìyá Olójé gbé ẹ̀rọ rẹ̀ ká ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ọ̀dẹ̀dẹ̀, títí dé yàrá tó wà lókè. Iye tó rí kò ju iye tó ti kọ sílẹ̀ kí oògùn tó dé lọ. Ó tún un wọ̀n. Bákan náà ni. Ó dúró síbẹ̀, ó gbọ́wọ́ lé ògiri, àyà rẹ̀ kún bí ti ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń gbẹ̀bùn lójú ayé. Kò sí ẹni tó rí i, kò sì fẹ́ kí wọ́n rí i.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó dúró ní mítà kan sí aránṣọ, ó gbé ẹ̀rọ sí i. Iye náà ti wálẹ̀ sábẹ́ èyí tí òfin gbà láàyè.

"Ẹ lè máa lọ sílé, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má gbé ọmọdé mọ́ra, ẹ sì dá sùn, títí di ọjọ́ tí mo kọ sínú ìwé yìí."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ́ yàrá yìí?"

"Àwa la kọ́ ọ," ni Ìyá Olójé wí, ó sì rẹ́rìn-ín.

Alága fẹ́ kan pátákó orúkọ ìgbìmọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn náà. Ìyá Olójé ní àmì ewu nìkan ni ilẹ̀kùn náà ń gbà, sà. Wọ́n kàn án sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Aránṣọ kà á bó ṣe ń jáde lọ, Mátírọ́ọ̀nù sì ti ń béèrè ẹni tó kàn. Ìyá Olójé wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ, ó sì wọlé lọ wọn ìtànṣán tó bá ṣẹ́kù lórí ibùsùn.