Òní Wà Nínú Ẹ̀

Ìgbálẹ̀ ló fẹ́ gba ìyàwó mọ́ Ládòkun lọ́wọ́. Bóyá ẹ rò pé mò ń ṣàwàdà ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín.

Nọ́ọ̀sì ọkùnrin ni Ládòkun ní ọsibítù kan ní Ṣakí, lọ́dún 1979. Kàdúná ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́, ó sì fẹ́ràn rúlà ju oúnjẹ lọ. Nígbà tí mátírọ́ọ̀nù ní kó máa ṣètò iṣẹ́ àwọn obìnrin mẹ́rin tó ń tọ́jú wọ́ọ̀dù, ayọ̀ ò jẹ́ kó sùn. Ó fàlà sórí ìwé ńlá kan: òwúrọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀sán fún ọjọ́ mẹ́ta, òru mẹ́ta, ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta. Bí ẹnì kan bá ń sinmi, àwọn mẹ́ta yòókù á pín òwúrọ̀, ọ̀sán àti òru láàárín ara wọn. Ẹnikẹ́ni ò ní ti òru bọ́ sí òwúrọ̀ láì sùn, wọ́ọ̀dù ò sì ní ṣófo. Lórí ìwé, kò lábùkù.

Àwọn obìnrin náà ò mọ̀wé, nítorí náà bí ẹnì kan bá ti parí òru rẹ̀ láàárọ̀, Ládòkun á ní, “Ẹ lọ sinmi. Ọjọ́ mẹ́ta òní ni kí ẹ padà wá.”

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ mẹ́tamẹ́ta, obìnrin méjì á dé lówùúrọ̀ kan náà, ìgbálẹ̀ méjì á máa du ilẹ̀ kan. Ládòkun á lé ẹni tí kò kàn padà sílé. Ní ọjọ́ kejì tó kàn án gan-an, kò ní yọjú: wọ́n lé e lánàá, kí ló fẹ́ wá ṣe? Ládòkun fúnra rẹ̀ á ká ṣòkòtò sókè, á gbálẹ̀, á gbé póò àwọn aláìsàn. Ó dá a lójú pé wọ́n ń fi òun ṣẹlẹ́yà ni.

Bákan náà ló rò nípa Bàbá Ràmọ́nì ní Ogbooro, bàbá Sàrátù tó fẹ́ fi ṣaya. Bàbá ti dájọ́ fún un nígbà kan, ó lọ, ó bá ilẹ̀kùn ní títì. Àwọn náà sì ní òun ni kò wá. Ní Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ kan ni Ìyá Jẹ́ẹ́dé, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin mẹ́rin náà, jíṣẹ́ fún un: Bàbá ní kó wá ní ọjọ́ márùn-ún òní, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Bí kò bá tún yọjú, kó lọ fẹ́ rúlà rẹ̀. Ládòkun kà á: Sátidé. Ẹ̀rù bà á, torí Sátidé gan-an ni Ìyá Jẹ́ẹ́dé yóò padà láti ìsinmi, bí kò bá sì wá, òun Ládòkun ni yóò gbálẹ̀, kò sì ní lè lọ.

Láàárọ̀ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, Àdìjátù ti ń gbálẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí Ìyá Jẹ́ẹ́dé wọlé pẹ̀lú ìgbálẹ̀ tirẹ̀. Inú bí Ládòkun. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta lòun sọ, kí ló dé tí wọn ò mọ̀ ọ́n kà?

Ìyá Jẹ́ẹ́dé na ìka sókè. “Alárùúbá lẹ bá mi sọ ọ́. Alárùúbá, ọ̀kan. Alàmísì, méjì. Jímọ̀, mẹ́ta.”

“A kì í ka ọjọ́ tí a wà nínú ẹ̀, Ìyá.”

“Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ṣé òní wá kì í ṣe ọjọ́ ni? Ọmọ tí wọ́n bí lónìí, tí a ó sọ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ, ṣé ọjọ́ tó wáyé kì í ṣe ọ̀kan?”

Ládòkun rí gbogbo póò tó ti gbé. Ó tún rí ilẹ̀kùn títì Ogbooro. Ó béèrè pé ọjọ́ márùn-ún tí Bàbá sọ ní Mọ́ńdè, ọjọ́ wo ló bọ́ sí.

“Òní náà ni,” ni Ìyá Jẹ́ẹ́dé wí.

Ojú ti Ládòkun. Ó bẹ̀ ẹ́, ó gbà pé òun lòun ṣì í kà, ó sì ní láti òní lọ, orúkọ ọjọ́ lòun ó máa pè. Ìyá Jẹ́ẹ́dé rẹ́rìn-ín, ó lọ sùn, ó ní ó di Sátidé.

Bí agogo méjì ti lù, tí Isaac, nọ́ọ̀sì tí ọ̀sán kàn, dé, Ládòkun yá alùpùpù Isaac. Kò rántí bọ́ aṣọ iṣẹ́. Nígbà tó fi dé Ogbooro, aṣọ funfun ti di pupa fún eruku. Bàbá Ràmọ́nì wò ó títí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì ní kí wọ́n fún un lómi. Sàrátù ló gbé e wá, kò sì yára lọ.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ púpọ̀, Bàbá ní kó kó àwọn ẹbí rẹ̀ wá ní ọjọ́ mẹ́sàn-án òní. Ládòkun fa ìwé àti bírò yọ lápò.

“Ẹ má bínú, Bàbá. Ṣé òní wà nínú ẹ̀?”

Bàbá wo Sàrátù, ó wo ọkùnrin eléruku náà.

“Òní tí o tó wá yìí? Òun ni mo kọ́kọ́ kà.”