Orí Sọ Tibí, Ìdí Sọ Tọ̀hún

Rọ́bà lásán ni ẹ̀gbọ́n ní òun fẹ́ rà. Omi ti ń jò lára híítà tó ń fi gáàsì mú omi gbóná nínú ilé ìdáná wọn, ó sì mọ̀ pé iṣẹ́ àbúrò òun ni kí ó máa ta ẹ̀yà ara irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ó ya fọ́tò ránṣẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ògiri lẹ yà fún mi," ni àbúrò wí lórí fóònù. "Lébẹ́ẹ̀lì tó wà lára ìdérí ni mo fẹ́ rí. Ẹ pa iná kámẹ́rà, ẹ gba ẹ̀gbẹ́ yà á kó má baà máa dán."

Fọ́tò kejì hàn díẹ̀ sí i. Àbúrò fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù. Nọ́ńbà ẹ̀rọ náà parí sí 10B tàbí 108, kò yé e. Ó wo ìlà ìsàlẹ̀: wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé gáàsì sílíńdà ló ń lò. Lẹ́tà B ni ilé iṣẹ́ yẹn sì fi ń ṣàmì ti sílíńdà. B ni, kì í ṣe mẹ́jọ. Ó ti fẹ́ lọ mú rọ́bà náà nígbà tí ẹ̀gbọ́n fi kún un pé:

"Bó o bá ń bọ̀, bá mi mú oògùn orí fífọ́ dání. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti fọ abọ́ tán ni orí máa ń là mí. Ara ògiri tó wà lókè híítà náà sì ti dúdú."

Ara fu àbúrò. Híítà tó ń jó dáadáa kì í kun ògiri ní dúdú.

"Ẹ pa gáàsì náà báyìí, kí ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ̀yin àti ará ilé, ẹ má tàn án mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ bá mi ya lébẹ́ẹ̀lì kékeré kan tó ní ìlà wẹẹrẹ dúdú, nísàlẹ̀ lára ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe lára ìdérí, níbi tí páìpù ti wọlé."

Fọ́tò kẹta dé. Nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ parí sí 12N. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ náà kò bá ti ìdérí mu rárá. N ni ti gáàsì tó ń gba páìpù ìlú wọlé. Orí sọ tibí, ìdí sọ tọ̀hún.

"Ta ló tà á fún yín?"

"Adúmáadán ni," ni ẹ̀gbọ́n wí. Orúkọ tó ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀ nìyẹn. "Ó tiẹ̀ kìlọ̀ pé a ò gbọdọ̀ tú ìdérí rẹ̀ láéláé."

"Ẹ má sọ nǹkan kan fún un. Ìfura loògùn àgbà. Ẹ ṣáà ní kó wá bá yín wo híítà."

Nígbà tí àbúrò débẹ̀ ní ọ̀sán, Adúmáadán ti jókòó sílé ìdáná, ó ń fẹsẹ̀ lulẹ̀. Bó ṣe rí tọnafíìsì tí wọ́n fi ń tú síkúrù lọ́wọ́ àbúrò, ó dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni kí n tú u. Ọwọ́ mi ló mọ̀ ọ́n."

"Ẹ jókòó, Adúmáadán," ni ẹ̀gbọ́n wí. Kò pariwo, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà jókòó.

Ìdérí kúrò. Èéfín dúdú ti lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ bí ìdí ìkòkò. Àbúrò nu irin tí gáàsì ń gbà jáde: ti gáàsì páìpù ìlú ni àmì tó wà lára rẹ̀, ihò rẹ̀ sì fẹ̀.

"Ihò yìí fẹ̀ jù fún gáàsì sílíńdà," ni àbúrò wí. "Gáàsì ń pọ̀ ju atẹ́gùn lọ, kò jó tán. Afẹ́fẹ́ burúkú tí kò ní òórùn ni ó ń tú sílé yìí. Ó ń pa ènìyàn láìkìlọ̀."

Ẹ̀gbọ́n yíjú sí Adúmáadán.

"Àlòkù méjì ni mo rà," ni Adúmáadán wí, kò gbójú sókè. "Ìdérí èyí ti rún, inú èkejì ti jóná. Mo rí i pé ìdérí èkejì wọ èyí rẹ́gí. Mo ṣe bí ó ti parí ni."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ní a ò gbọdọ̀ tú u?" ni ẹ̀gbọ́n bi í.

"Ìpata ni, irin inú rẹ̀ ti dógùn-ún. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rí ìpata."

"Ṣé ìpata nìkan?"

Adúmáadán dìde. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ tú híítà náà kúrò lára ògiri, tó gbé e jáde, àbúrò sì dí ẹnu páìpù gáàsì náà pa.

Orí ẹ̀gbọ́n kò là á mọ́. Inú ìkòkò ni wọ́n ń gbé omi kaná báyìí. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kó dárí ji àbúrò òun, ó ní, "Mo ti dárí jì í. Bóyá ó mọ̀, bóyá kò mọ̀, òun àti Ọlọ́run rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bó bá tún gbé nǹkan wá, kó dúró sí ẹnu ọ̀nà ná."